Lẹ́tà sí akọ̀wé tí ẹ kò mọ orúkọ wọn

"Ìyá mi ti dágbére fáyé. Wọ́n ń dá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ọjà Jagun, Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí akọ̀wé nípa owó wọn, àmọ́ akọ̀wé tuntun ni. N kò mọ orúkọ wọn, n kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, n kò sì mọ oyè tí wọ́n ń jẹ́. Mo kọ 'Sà/Mà', ó wá dà bíi lẹ́tà báǹkì. Kí ni kí n kọ?"

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá o. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, á sì dá ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ sí. Ẹ wò ó, èmi náà kò mọ orúkọ yín, n kò mọ̀ bóyá ọmọkùnrin ìyá ni yín àbí ọmọbìnrin wọn, síbẹ̀ mo ti kí yín, ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an ni mò ń kí. Ohun tó wà nílẹ̀ fún yín ni mo fi kí yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún akọ̀wé: ẹ fi ipò wọn pè wọ́n, kí ẹ sì fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn kí wọn.

Mo ti ṣe akọ̀wé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nílùú yìí rí, fún ìgbà pípẹ́ kí n tó gbé ìwé fún ẹlòmíràn. Obìnrin ni mí. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ń wọlé fún mi nígbà náà ni wọ́n kọ "Alàgbà Akọ̀wé, sà" sí lórí, torí pé ọkùnrin ló di ipò náà mú ṣáájú mi. N kì í bínú sí ẹni tó kọ ọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni mo sì máa ń ṣe fún un. Àmọ́ lẹ́yìn "sà" yẹn, ńṣe ló máa ń ṣe mí bíi pé lẹ́tà ẹlòmíràn ni mo ṣí. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó tẹ̀ lé e, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Àwọn tó kọ "Sà/Mà" kò ṣì mí pè, ṣùgbọ́n ohun tí ìlà yẹn ń sọ fún mi ni pé, "Ẹ mú èyí tó bá bá yín mu níbẹ̀." Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín rí lára rẹ̀ nìyẹn, ẹ sì rí i dáadáa.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, bí ẹnì kan bá wà tó lè dé ọjà fún yín, ẹ ní kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà níbẹ̀ pé, "Kí ni wọ́n máa ń pe akọ̀wé ẹgbẹ́ yín?" Wọn á dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó lè lọ, kò burú, Yorùbá ti fún yín ní ohun tí ẹ nílò. "Ẹ" àti "yín" àti "wọn" kò yà ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, wọ́n sì gbé ọ̀wọ̀ dání. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń tú àṣírí pé ńṣe là ń méfò kò pọ̀: sà, mà, bàbá, màmá, ọ̀gbẹ́ni, arábìnrin, Àlàájì, Àlàájà, bọ̀ọ̀dá, àǹtí. Ẹ yẹra fún gbogbo wọn nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ yìí. Ẹ fi "alàgbà" náà kún un, torí ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ó fún. "Ẹ̀gbọ́n" kò sọ pé ọkùnrin tàbí obìnrin ni, àmọ́ ó ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, bẹ́ẹ̀ akọ̀wé lè jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá yín tàbí kó jẹ́ ẹni tí ẹ bí lọ́mọ. Pípè wọ́n ní "ẹ̀yin akọ̀wé wa" ló bọ́ sí i jù. "Wa" kékeré yẹn ló ń mú kó móoru. Ó ń sọ pé ìyá yín wà lára ẹgbẹ́, àti pé ilé yín kì í ṣe àjèjì sí wọn.

Bí n ó ṣe kọ ọ́ bó bá jẹ́ èmi nìyí:

> Sí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù (ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ síbí),
> Ọjà Jagun, Ògbómọ̀ṣọ́.
>
> Ẹ̀yin akọ̀wé wa ọ̀wọ́n,
>
> Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ẹ kú iṣẹ́ ìwé, ẹ sì kú ìtọ́jú owó àwọn ará ọjà.
>
> Èmi ni (orúkọ yín), ọmọ olóògbé (orúkọ ìyá) tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà yín. Mo mọ̀ pé a kò tíì pàdé rí. Ìyá mi kú ní oṣù (orúkọ oṣù). A rí káàdì ìdáwó wọn láàárín ẹrù wọn, nọ́ńbà wọn sì wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin ni ìwé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ yín, ìdí nìyẹn tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí tọ̀ yín wá.
>
> Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo iye tó kù ní orúkọ wọn, bóyá wọ́n jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè, àti orúkọ ẹni tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé kó gba owó náà. Bí ìwé kan bá wà tí mo gbọ́dọ̀ mú wá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí n mọ̀.
>
> Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́.
>
> Tiyín ní tòótọ́,
> (orúkọ yín, bí ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n máa pè yín, àti nọ́ńbà fóònù)

Ẹ̀wà tí mo kọ síbẹ̀, mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni; ohun tí ìyá ń tà gan-an ni kí ẹ kọ.

Mo lo "ẹ kú déédéé ìwòyí" torí pé ẹ kò mọ ìgbà tí wọn ó ṣí lẹ́tà náà. Ẹni tó kọ "ẹ káàárọ̀" lè bá akọ̀wé pàdé lálẹ́, nígbà tí ọjà ti tú. Ìkíni tó tẹ̀ lé e, ti iṣẹ́ ìwé, ni mo kà sí jù. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọjà máa ń jókòó ti ìwé nígbà tí àwọn yòókù ti lọ sílé, wọ́n ń ro owó ìdáwó pọ̀, wọ́n ń wá ibi tí náírà díẹ̀ gbà lọ. Kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni kí wọn kú iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, lẹ́tà tó bá fi iṣẹ́ ìwé kí mi, mi ò kì í dá a dúró dọjọ́ kejì, bí kò tilẹ̀ sí orúkọ mi níbì kankan nínú rẹ̀. Ìlà kan tàbí méjì ti tó fún un o. Bí ìkíni bá gùn ju ọ̀rọ̀ lọ, akọ̀wé á máa wò ó pé kí lẹni yìí ń fẹ́ gbà.

Apá tí ẹ ti sọ ẹni tí ẹ jẹ́ ń ṣiṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà sí. Wọ́n á ní orúkọ ẹni tí àwọn ń kọ̀wé sí tí àwọn kò mọ̀ ló mú kí lẹ́tà tutù, bẹ́ẹ̀ tiwọn ni wọ́n fi pamọ́. Mo gba lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Mo fẹ́ mọ iye owó tó wà ní nọ́ńbà báyìí-báyìí" rí, tí n kò mọ ẹni tó ń béèrè àfi nígbà tí mo ka ìlà tó gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ owó ni, akọ̀wé gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ẹ sọ ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́, ohun tí ìyá ń tà àti ibi tí wọ́n ń jókòó sí nínú ọjà. Bí agboolé yín bá ní orúkọ táwọn èèyàn mọ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, akọ̀wé lè dìde lójú kan náà kó lọ bi ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí ti ìyá yín, kí ojú sì ti mọ yín kí ẹ tó débẹ̀.

Ibi tí lẹ́tà ti sábà máa ń yẹ̀ ni àárín, níbi tí a ti ń béèrè nǹkan. Èèyàn á ti fi "ẹ" bẹ̀rẹ̀, á wá dé ibi ohun tó ń dùn ún, ló bá di "bá mi wo ìwé rẹ" tàbí "fi èsì ránṣẹ́ kíákíá." Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kà á sókè, kí ẹ sì wo gbogbo ibi tí "o" tàbí "rẹ" wà tó jẹ́ pé akọ̀wé ni ẹ fi ń bá wí. "Yín" ló yẹ kó wà níbẹ̀. Kí "ẹ" sì ṣáájú gbogbo ohun tí ẹ bá ní kí wọ́n ṣe.

Àdúrà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ní ìlú tí ìjọ Onítẹ̀bọmi àti mùsùlùmí jọ ń gbé, Ọlọ́run ni orúkọ tí gbogbo wa ń pè, ẹ fi mọ síbẹ̀ títí ẹ ó fi mọ ẹ̀sìn wọn. Ẹ má ṣàdúrà ọkọ, aya tàbí ọmọ fún ẹni tí ẹ kò mọ. Ẹni tó ń wá ọmọ lè jẹ́ akọ̀wé. Àdúrà kan tún wà tó dára lójú, tí mo ní kí ẹ má lò: "Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín ṣì í." Ẹni tí owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè kà á kó rò pé ẹ ń fura sí òun.

Bí ẹ bá rí orúkọ lára káàdì ìyá, níbi tí akọ̀wé ti fọwọ́ sí i, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ti akọ̀wé àná ni. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ti èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, ẹ má fi yára kọ sà tàbí mà. Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Àlàbá, Àjàyí, tọkùnrin tobìnrin ló ń jẹ́ wọn. Àkànní tàbí Àlàní jẹ́ oríkì ọkùnrin lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orúkọ bàbá ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọmọbìnrin Àkànní ló lè di gègé mú. Ẹ̀yin akọ̀wé wa ni kó ṣì jẹ́.

Bó bá jẹ́ pé ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ lápapọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà máa dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ sọ ọ́ kedere, "Ẹ̀yin akọ̀wé wa àti gbogbo ìgbìmọ̀," torí "ẹ̀yin" nìkan lè jẹ́ ẹnì kan tàbí ogún èèyàn.

Tí èsì bá dé, ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ ara wọn sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá kọ Àlàájà, Díákónì, Olóyè tàbí Ìyá Ìbejì, ohun tí wọ́n fẹ́ kí a máa pe àwọn nìyẹn, ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà kejì. Bí ó bá jẹ́ "Akọ̀wé" nìkan ni wọ́n kọ, ẹ máa bá a lọ bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì mú ojúlówó káàdì ìyá dání lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ wá.