Bí mo ṣe ń wá owó tó ń yọ lákàáǹtì láìjẹ́ pé mo rántí rẹ̀

“Ó dá mi lójú pé owó kan ń yọ lákàáǹtì mi fún ohun tí mi ò lò mọ́. Mo wo sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́ta, mi ò rí nǹkan kan. Báwo lẹ ṣe ń wá tiyín?”

Oṣù mẹ́ta kò tó. Oṣù mẹ́ta lèmi náà kọ́kọ́ wò. Mo rí méjì, mo fagi lé wọn, ọkàn mi sì balẹ̀. Nígbà tó di oṣù karùn-ún lẹ́yìn náà, owó ńlá kan yọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo: owó ọdọọdún fún áàpù tí mo ti pa rẹ́ lórí fóònù mi tipẹ́. Pípa áàpù rẹ́ kì í dá owó dúró, torí pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbowó ni àdéhùn ìsanwó wà, kò sí nínú fóònù. Láti ìgbà náà, sítétímẹ́ǹtì oṣù 13 ni mo máa ń gbà. Mi ò dá a dúró sí 12, nítorí owó ọdọọdún lè sún síwájú tàbí sẹ́yìn lọ́jọ́ méjì mẹ́ta, kó sì bọ́ sẹ́yìn ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbà á lọ́nà fáìlì CSV, irú èyí tó ṣeé ṣí nínú Excel, bí báǹkì yín bá fàyè gbà á, ti àkáàǹtì àti ti káàdì pọ̀. Ẹ kó wọn sójú ewé kan, kí ẹ wá tò wọ́n tẹ̀lé orúkọ ẹni tó gba owó, ẹ má tò wọ́n tẹ̀lé ọjọ́. Ohun tó ṣí mi lójú gan-an nìyí. Nígbà tí mò ń kà á tẹ̀lé ọjọ́, owó 7.49 kan wà tí mo ń rò pé ọjà kéékèèké ni mo rà, torí pé ó yọ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kìíní, ọjọ́ rẹ̀ kò sì bára mu. Bí mo ṣe tò ó tẹ̀lé orúkọ, wọ́n dúró tẹ̀lé ara wọn: ọjọ́ 3 oṣù kìíní, ọjọ́ 31 oṣù kìíní, ọjọ́ 28 oṣù kejì, ọjọ́ 28 oṣù kẹta, ọjọ́ 25 oṣù kẹrin. Mo ka ọjọ́ tó wà láàárín wọn, ọjọ́ 28 géérégé ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbowó lọ́jọ́ 28-28 máa gbà á nígbà 13 lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń wá owó tó ń yọ lọ́jọ́ kan náà lóṣooṣù kò ní rí i.

Orúkọ tó wà níbẹ̀ ò tún jọ ohunkóhun tí mo mọ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù náà ni wọ́n kọ, wọn ò kọ orúkọ áàpù. Mo tẹ 7.49 síbi ìwákiri nínú ìméèlì mi, rìsíìtì àkọ́kọ́ sì jáde: ìdánwò ọ̀fẹ́ ọjọ́ méje tí mo gbà, tí mi ò padà lọ fagi lé.

Àwọn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú APPLE.COM/BILL, GOOGLE * tàbí PAYPAL * gba sùúrù. Ẹni tó bá ilé-iṣẹ́ gba owó náà lọ́wọ́ yín lẹ ń rí níbẹ̀, nǹkan bíi mẹ́ta sì lè wà lábẹ́ orúkọ kan. Ẹ wọlé sínú àkáàǹtì yẹn fúnra rẹ̀, kí ẹ wo ibi tí wọ́n to ohun tí ẹ ń san lé. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé iye owó nìkan: tí wọ́n bá ń gbà á ní owó ilẹ̀ òkèèrè, iye rẹ̀ á máa yí díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wo àwọn orúkọ tó yọ lẹ́ẹ̀kan péré. Ibẹ̀ ló máa ń sú èèyàn, ibẹ̀ náà sì ni owó ọdọọdún ń sá pamọ́ sí. Mo ń bi ara mi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: kí ni mo gbà lọ́jọ́ yẹn? Èyí tí mi ò bá lè tọ́ka sí ohun tí mo fi rà, mo máa ń wá ìméèlì ọjọ́ náà àti ti ọjọ́ kejì rẹ̀.

Ẹ má rò pé bí káàdì bá ti parí, owó á dáwọ́ dúró. Visa àti Mastercard ní ètò tó lè fi nọ́ńbà káàdì tuntun ránṣẹ́ sí ẹni tó ní ti àtijọ́ lọ́wọ́, bí báǹkì yín bá wà nínú ètò náà. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbowó ni kí ẹ ti fagi lé e, kí ẹ tọ́jú ìméèlì tó jẹ́rìí sí i, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ì bá tún yọ sílẹ̀. Ti 7.49 yẹn, mo dúró kọjá ọjọ́ 28 méjì kí n tó pa á rẹ́ nínú ìwé mi.