Èsì: Jẹnẹrétọ̀ tó ń kú bí ẹ bá ṣí ṣóòkì

> "Jẹnẹ mi ń tan, àmọ́ bí mo bá ti ṣí ṣóòkì báyìí, ó máa kú. Ibo ni kí n kọ́kọ́ wò?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Epo tó ń wọlé ni kò tó, tàbí afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù fún un. Ṣóòkì tó ń dín afẹ́fẹ́ kù ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kí ẹ́ńjìnnì ti tutù. Ẹ yọ rọ́bà epo lẹ́nu kábúrétọ̀, kẹ́ ẹ gbé ike sábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣí epo.

| Ohun tẹ́ ẹ rí | Ohun tó ṣeé ṣe kó fà á | Ẹ kọ́kọ́ wo |
|---|---|---|
| Epo ń kán tó-tó | Ihò ìdérí táńkì tàbí asẹ́ dí | Ẹ ṣí ìdérí: bí epo bá dà, ihò rẹ̀ ni, bí kò bá dà, ẹ fọ asẹ́ |
| Epo ń dà geere | Jẹ́ẹ̀tì, irin kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀, ló dí | Ẹ tú ife kábúrétọ̀ |
| Jẹ́ẹ̀tì mọ́, ó ṣì ń kú | Afẹ́fẹ́ ń gba ibi gásíkẹ́ẹ̀tì wọlé | Ẹ fún nọ́ọ̀tì kábúrétọ̀ |

Jẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń jẹ́, pàápàá bí epo bá ti pẹ́ nínú rẹ̀, torí ó máa ń gbẹ, á sì lẹ̀ bí oje igi. Ẹ ti epo ná, kẹ́ ẹ tó tú ife. Ẹ gbé jẹ́ẹ̀tì síhà ìmọ́lẹ̀: ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ róboto. Fọ́nrán wáyà kọ́pà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi tì í; abẹ́rẹ́ á fẹ ihò náà, jẹnẹ á wá máa mu epo jù, á sì máa yọ èéfín dúdú.