Oníbàárà ní kí n kọ «hàláàlì» sára páálí bísíkíìtì

Ìbéèrè: Àsàlámù aléékúmù, àáfà wa. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, iṣẹ́ ìtumọ̀ èdè Lárúbáwá ni mò ń ṣe jẹun. Oníbàárà mi kan fẹ́ kó bísíkíìtì lọ sí Saudi, ó sì ní kí n túmọ̀ àwọn èròjà tó wà lára páálí rẹ̀. E471 wà nínú wọn. Ó ní kí n kọ ọ́ pé ọ̀rá ewéko ni, kí n sì fi حلال sí ìsàlẹ̀. Ṣé mo lè ṣe é?

Ìdáhùn: Wa aléékúmù sàláámù wa ráhmátúlláhì. Má kọ ọ́, arákùnrin mi. Mi ò sọ pé hàráàmù wà nínú bísíkíìtì náà o. Èmi ò mọ̀, ìwọ ò mọ̀, páálí náà ò sì sọ. Ohun tí páálí ò sọ ni wọ́n ní kí o sọ.

Ọ̀rá tí wọ́n gbé pọ̀ mọ́ gílísérínì lórí iná ni wọ́n fi ń ṣe E471, kí òróró àti omi má baà pínyà nínú ìyẹ̀fun. Ọ̀rá yẹn lè ti ara ọ̀pẹ wá tàbí ara sóyà. Ó sì lè jẹ́ ti màlúù tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, nọ́ńbà kan náà ni wọn yóò kọ, nítorí ohun tí èròjà jẹ́ ni nọ́ńbà ń sọ, kò sọ ibi tó ti wá.

Nítorí náà, kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe jẹ́: أحاديات وثنائيات غليسريد الأحماض الدهنية (E471). Kò dárúkọ ewéko, kò dárúkọ ẹran, gẹ́gẹ́ bí páálí Òyìnbó náà kò ṣe dárúkọ wọn. Tí o bá wá kọ دهون نباتية, ẹ̀rí lo jẹ́ yẹn, o ti kúrò nídìí ìtumọ̀. Ọlọ́hun kọ̀ fún wa nínú Súrà Náhílì, áyà 116, pé kí ahọ́n wa má ṣe máa pa irọ́ pé «èyí hàláàlì, èyí hàráàmù». Ẹ sì rántí oníṣòwò tí Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ rẹ̀ tó bá ọ̀rinrin ní ìsàlẹ̀. Gbígbẹ ló gbé sókè kí oníbàárà rí.

Àmọ́ má fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ síbẹ̀. Ní kí oníbàárà rẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe bísíkíìtì náà, kí wọ́n fún un ní ìwé tó sọ orísun ọ̀rá inú E471. Bí ìwé náà bá sọ pé ọ̀pẹ ni, fi من مصدر نباتي kún un láìbẹ̀rù, kí o sì tọ́jú ìwé náà. Bí ó bá jẹ́ màlúù, بقري lásán kò sọ bí wọ́n ṣe pa á. Bí ó bá sì jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, má fi دهن حيواني bò ó mọ́lẹ̀, torí «ọ̀rá ẹran» lásán ni ẹni tó ń rà á yóò kà.

Àwọn kan máa ń rí i lára páálí pé ó dára fún ẹni tí kì í jẹ ẹran, wọ́n á sì sọ ọ́ di حلال. Òótọ́ ni pé ó ń tọ́ka sí i pé ọ̀rá náà kì í ṣe ti ẹran, ṣùgbọ́n fàńílà tí wọ́n fi ọtí yọ lè wà nínú rẹ̀. مناسب للنباتيين ni kó o kọ. Ọ̀rọ̀ hàláàlì, àwọn tó yẹ oúnjẹ náà wò tí wọ́n fọwọ́ sí i ló ni ín. Tí òǹtẹ̀ wọn bá wà níbẹ̀, túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn pẹ̀lú orúkọ wọn. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé lórí nípa ohun tó ti yí padà kúrò ní bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mùfútì ló ń dá a lẹ́jọ́, kì í ṣe ìtumọ̀.

Àṣìṣe òdìkejì náà wà o. Ẹnì kan gbé súìtì wá fún mi ní mọ́sálásí, ó ní ọtí ló kún inú rẹ̀, torí wọ́n kọ كحول سكري, ìyẹn «ọtí ṣúgà», sí i. Sọ́bítọ́ọ̀lù, E420, ni wọ́n ní lọ́kàn, ohun adídùn tí kì í pani bí ọtí. سوربيتول (E420) ì bá ti tó.

Kí n tó gbàgbé, so nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan mọ́ orúkọ tirẹ̀. Bí o bá kó wọn jọ bíi (E322, E471), apá òsì ni wọ́n ti ń kà á nígbà tí Lárúbáwá yòókù ń bọ̀ láti apá ọ̀tún, ètò wọn á sì dojú rú, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tò wọ́n, èyí tó pọ̀ jù ló ń ṣáájú. Gba àwòrán páálí náà kà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Tí oníbàárà bá ní dandan ni kí o kọ حلال láìsí ìwé, dá apá yẹn padà fún un. Owó ibi tí o ti túmọ̀ bó ṣe wà, hàláàlì ni fún ọ. Wàláhù àálámù.