Bílẹ́ńdà ń tà wàràwàrà, ìpolówó ló ń jẹ èrè ẹ̀

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ọjà mẹ́fà ni mò ń sanwó ìpolówó fún, owó sì ti ń tán lọ́wọ́ mi. Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó yẹ kí n dá dúró?"

Àbúrò mi, kọ́kọ́ mọ èrè tó wà lórí ẹyọ kan ọjà kọ̀ọ̀kan, ìgbà yẹn ni iye ọ́dà tí ìpolówó ń fi hàn ọ́ lójú fóònù á tó ní ìtumọ̀. Èmi ò ṣe é báyẹn nígbà kan, ó sì dùn mí gan-an.

Bílẹ́ńdà àti bùbá àdìrẹ ni mò ń tà níbí l'Àkúrẹ́. Bílẹ́ńdà 28,000 náírà ni, mo ń rà á 22,500, kọ́míṣọ́ọ̀nù pẹ̀lú páálí pẹ̀lú wébìlì kó 2,500 lọ, ó ku 3,000. Bùbá 12,000 ni, aṣọ àti aró àti owó télọ̀ jẹ́ 6,800, ìnáwó tó kù 1,600, ó ku 3,600. Ṣé o rí i, bùbá tówó ẹ̀ kéré yẹn ló lérè jù.

Lóṣù kan, mo fi 32,000 polówó bílẹ́ńdà, fóònù ní ọ́dà 10 ló wọlé. Mo fi 9,000 polówó bùbá, 5 ló tà. Nínú 100 náírà tí bílẹ́ńdà pa, ìpolówó kó bíi 11, ti bùbá kó 15, bí mo ṣe dá ìpolówó bùbá dúró nìyẹn, mo ní ó ń jẹ owó jù.

Àṣìṣe ńlá ni. Àkọ́kọ́, oníbàárà 2 kọ bílẹ́ńdà lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọn ò san kọ́bọ̀, fóònù sì kà á mọ́ ọn, kò mọ̀ ju pé wọ́n ṣe ọ́dà. 8 péré ló di owó. Pín 32,000 sí 8, ìpolówó jẹ́ 4,000 lórí ẹyọ kan tí èrè ẹ̀ jẹ́ 3,000! Mò ń pàdánù 1,000 nígbàkúùgbà tí mo bá tà á, mi ò tíì ka wébìlì tó gbé méjì yẹn padà wá. Bùbá ńkọ́? 1,800 lórí ẹyọ kan, 1,800 kù sápò mi.

Torí náà inú ìwé àkọsílẹ̀ ni mo ti ń ṣe é báyìí, ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú: owó ìpolówó, iye tó sanwó lóòótọ́, mo pín in, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè ẹyọ kan.

Ìpolówó ọjà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, má tètè dá a dúró o, ọjọ́ mẹ́ta ò tó. Èmi máa ń jẹ́ kó jẹ tó èrè ẹyọ mẹ́ta, fún bùbá ìyẹn bíi 10,800, tẹ́nì kankan ò bá tíì sanwó, mo dá a dúró, mo tún fọ́tò àti iye owó ẹ̀ wò.

Ìgbà tí mo dá ìpolówó bílẹ́ńdà dúró, 3 ṣì tà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn tó ń wá a fúnra wọn ni.