Ẹsẹ kejì ò bá ohùn orin mu

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo kọ orin kan fún kọ́áyà wa, 8.6.8.6 ni. Ẹsẹ kìíní bọ́ sínú ohùn rẹ̀ dáadáa, àmọ́ tá a bá dé ẹsẹ kejì, ṣe la máa ń sáré kó ọ̀rọ̀ pọ̀, níbòmíì a tún máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Ìdáhùn: Àbúrò, mo ka ẹsẹ méjèèjì tó o fi ránṣẹ́. Ó jọ pé ojú lo fi wọn gígùn ìlà, sílébù ló yẹ kó o kà: 8.6.8.6 túmọ̀ sí pé ìlà kìíní àti ìkẹta ní sílébù mẹ́jọ, ìkejì àti ìkẹrin ní mẹ́fà. Pàtẹ́wọ́ bó o ṣe ń pè é, fáwẹ́lì kọ̀ọ̀kan, àtẹ́wọ́ kan: àánú jẹ́ mẹ́ta, ààbò náà jẹ́ mẹ́ta. Ibi tó ń tan èèyàn jẹ ni "n". Èyí tó dá dúró tó sì ní ohùn tiẹ̀ jẹ́ sílébù kan gedegbe, nítorí náà "mo ń wá" jẹ́ mẹ́ta, àmọ́ "n" tó gbẹ̀yìn "ẹ̀yìn" ò ní iye kankan, ó kàn ń mú fáwẹ́lì gba imú ni.

Ó yá, ká wo ẹsẹ kejì. "Nígbà tí ìjì ayé bá ń jà" jẹ́ 10, ìyẹn ló ń lé yín sáré. Yọ "nígbà tí", fi "bí" sí i: "Bí ìjì ayé bá ń jà", 8 ti pé, ìtumọ̀ ò sì yingin. "Ìwọ ni ààbò mi" jẹ́ 7, sọ ọ́ di "Ìwọ l'ààbò mi". "Di ọwọ́ mi mú" jẹ́ 5 péré, ibẹ̀ lẹ ti ń fà á, fi "Olúwa" kún un lẹ́yìn, ó di 8. Ìlà tó kẹ́yìn, "Kí n má baà ṣubú", jẹ́ 7, o ò rí i torí o fo "n" yẹn. "Kí n má ṣe ṣubú" ló jẹ́ 6.

Ní ti bá a ṣe ń gbé fáwẹ́lì mì nígbà tá a bá ń sọ̀rọ̀ (ta ló ń pe "di ọwọ́" tán lẹ́nu?), tó o bá fẹ́ kí wọ́n gbé e mì, kọ ọ́ ní gbígbémì bíi "l'ààbò", tó ò bá fẹ́, kọ ọ́ tán kó o sì kọ́ wọn kí wọ́n pè é tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn kan á kọ 7 àwọn kan á kọ 8 nínú ìlà kan náà.

Nǹkan kan wà tí kíka sílébù ò lè gbà ẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ o. Ní ìlà "Di ọwọ́ mi mú, Olúwa", tí ohùn orin bá já sílẹ̀ láti nóòtì kejì sí ìkẹta, "di ọwọ̀ mi mú" làwọn èèyàn máa gbọ́, ìgbálẹ̀ lẹ wá ń ní kí Olúwa dì mú. Yí i padà sí "Olúwa, di ọwọ́ mi mú", 8 náà ni, àmọ́ ọwọ́ ti bọ́ sí nóòtì karùn-ún àti ìkẹfà, lọ wò ó lórí dùùrù bóyá ohùn ń gòkè níbẹ̀.