Ìlànà àbò ìwífún oníbàárà: ẹ kọ́kọ́ tọ ipasẹ̀ aṣọ kan

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, mo ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Ìbàdàn, èèyàn márùn-ún ló ń bá mi ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ló sì ń rí nọ́ńbà àti àdírẹ́sì oníbàárà. Wọ́n ní òfin fẹ́ kí n ní ìlànà lórí dátà. Mo rí ọ̀kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ojú ewé 14, kò sí ẹni tó kà á tán. Kí ni kí n kọ gan-an?"

Ẹ gbé ojú ewé 14 yẹn sẹ́yìn. Mo ti rí irú rẹ̀ rí tí orúkọ ICO ṣì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àjọ àwọn ará Britain nìyẹn. Àjọ tiwa ni NDPC, òfin tó sì gbé e dìde ni Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Aránṣọ lèmi náà. Ìlànà tí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi ń tẹ̀lé kò ju ojú ewé méjì lọ, ẹ̀dà kan sì wà lára ògiri níbi tí a ti ń gé aṣọ.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ mú oníbàárà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba aṣọ, kí ẹ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà tó wọlé. Obìnrin kan tó rán ìró àti bùbá ni mo fi ṣe tèmi. A kọ orúkọ, nọ́ńbà àti ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé ìwọ̀n. Ẹni tó máa gé aṣọ náà ya fọ́tò ojú ewé yẹn kó lè gé e nílé. Obìnrin náà fi fọ́tò ara rẹ̀ àti ẹ̀rí owó tó san ránṣẹ́ lórí WhatsApp, nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ hàn gedegbe, ó sì bọ́ sí fóònù ọmọbìnrin tó ń gba iṣẹ́. Nígbà tí aṣọ parí, a fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọlọ́kadà. Ibi mẹ́rin nìyẹn: ìwé kan àti fóònù mẹ́ta. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìwé nìkan ni ti ṣọ́ọ̀bù. Ibi kọ̀ọ̀kan tí ipasẹ̀ náà bá gbà ni ẹ máa kọ òfin fún: ta ló lè rí i, orí kí ni kó wà, ìgbà wo la máa pa á rẹ́.

Ẹ má kọ "kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa tọ́jú ìwífún oníbàárà dáadáa." Kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá wọ́n tẹ̀lé e. Ohun tí èmi kọ nípa ìwé ìwọ̀n rèé: "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fọ́tò ìwé ìwọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ gé aṣọ nílé yóò da ìwọ̀n kọ sórí bébà, nọ́ńbà iṣẹ́ ni yóò kọ sí i, kì í ṣe orúkọ tàbí nọ́ńbà fóònù. Yóò dá bébà náà padà pẹ̀lú aṣọ." Bí bébà yẹn bá já bọ́ sínú mọ́tò, ẹni tó bá rí i kò lè mọ ìdí ẹni tó ń wò.

Fóònù ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan kúrò lọ́dọ̀ mi, kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé ó ń pè wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tuntun. Kò jí ìwé kankan. Orí fóònù tirẹ̀ ni wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí. Láti ìgbà yẹn, laini ṣọ́ọ̀bù nìkan la fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. WhatsApp Business wà lórí fóònù ṣọ́ọ̀bù, ó sì gba ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn mọ́ra. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó tó jáde, mo máa ṣí `Linked devices`, mo máa tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, mo máa tẹ `Log out`. A tún pa `Media visibility` nínú `Settings` > `Chats` kí fọ́tò oníbàárà má bàa máa bọ́ sáàárín fọ́tò ọmọ àti ẹbí wọn. Àmọ́ ohun tí ẹnì kan bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú sórí fóònù kò ní tìtorí `Log out` kúrò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n buwọ́ lù ú pé nọ́ńbà oníbàárà kì í ṣe tiwọn, kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìlànà kì í dé ni ẹni tó bá pe ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin kan pè wá, ohùn rẹ̀ tutù, ó ní ìyàwó òun ló rán aṣọ, kí ẹ jọ̀ọ́ rán òun létí àdírẹ́sì tí ẹ máa gbé e lọ. Ó dárúkọ obìnrin náà pé pérépéré. Ó kù díẹ̀ kí ọmọbìnrin tó gbé fóònù kà á fún un, kí ọ̀gá tó ń gé aṣọ tó ní kó pe oníbàárà ná. Obìnrin náà kàn pariwo ni. Ó ti kó kúrò nílé ọkùnrin yẹn, kò sì fẹ́ kó mọ ibi tóun ń gbé. Òfin tó jáde níbẹ̀ kúrú: "A kì í sọ àdírẹ́sì, nọ́ńbà tàbí owó oníbàárà fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù, ì báà jẹ́ ọkọ, ìyá tàbí pásítọ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ẹni tó pè, kí ẹ sì pe oníbàárà lórí nọ́ńbà tó wà nínú ìwé wa." Ẹ kọ ohun tí wọ́n máa sọ síbẹ̀ pẹ̀lú, torí ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í lè sọ "rárá" fún àgbàlagbà. Tiwa ni: "Ẹ má bínú sà, a máa bá wọn sọ ọ́ pé ẹ pè."

Fọ́tò oníbàárà tí a fẹ́ gbé sórí `Status` ńkọ́? Ẹ béèrè, kí ó dáhùn. Òfin kò ka ìdákẹ́ sí ìyọ̀ǹda, ẹni tó bá sì gbà lónìí lè ní kí ẹ yọ ọ́ lọ́la.

Lórí ìgbà tí a máa pa nǹkan rẹ́, òfin ní kí a má tọ́jú ìwífún ju ìgbà tí a nílò rẹ̀ lọ, ẹ̀yin lẹ máa yan iye rẹ̀. Ọdún 2 lẹ́yìn aṣọ tó kẹ́yìn ni mo fún ìwọ̀n. Ọlọ́kadà gbọ́dọ̀ pa àdírẹ́sì rẹ́ lójú wa nígbà tó bá padà wá gba owó rẹ̀. Ẹ má da ìwé owó mọ́ ọn o: bí ṣọ́ọ̀bù yín bá jẹ́ kọ́ńpínì, òfin CAMA ní kí ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ ìṣirò owó fún ọdún 6.

Èyí tó kù ni fóònù tó sọnù. Òfin fún yín ní wákàtí 72 láti ìgbà tí ẹ bá mọ̀, kí ẹ fi tó NDPC létí bí ó bá jọ pé ó lè pa oníbàárà lára. Bí ewu náà bá pọ̀, kí ẹ tètè sọ fún oníbàárà fúnra rẹ̀. Owó ìtanràn fún irú àwa kéékèèké lè tó mílíọ̀nù 2 náírà, tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé lọ́dún tó kọjá, èyí tó bá pọ̀ jù. Àmọ́ ọmọ iṣẹ́ tó ń bẹ̀rù pé wọ́n máa yọ owó fóònù nínú owó oṣù òun kò ní sọ, bí wọ́n jí i ní Satide, ó lè di Ọjọ́rú kó tó yanu. Nítorí náà mo kọ ọ́ gbangba: ẹni tó bá sọ láàárín wákàtí kan kò ní san kọ́bọ̀, ẹni tó bá fi pamọ́ ni a máa bá wí. Nọ́ńbà mi wà lábẹ́ gbólóhùn yẹn lára ògiri, pẹ̀lú iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ṣe kí wọ́n tó pè mí: ẹni tó bá wà nídìí fóònù ṣọ́ọ̀bù ni kó yọ ẹ̀rọ tó sọnù kúrò nínú `Linked devices`, kó sì kọ ọjọ́, aago àti ohun tó wà lórí rẹ̀ sínú ìwé kékeré tó wà nínú dúrọ́ọ̀.