Òjò 2,539 mílímítà kò rọ̀ n'Ìbàdàn, àmọ́ 0 náà kọ́ ni ìdáhùn

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wa dátà òjò Ìbàdàn ti ọdún 2011 jáde láti inú GSOD, àkọsílẹ̀ ojú-ọjọ́ ojoojúmọ́ ti àjọ NOAA ní Amẹ́ríkà, mo sì sọ ọ́ di mílímítà ní Excel. Nígbà tí mo ya ṣáàtì, ọ̀pá mélòó kan ga kọjá 2,500, gbogbo ìyókù wá lẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ti fi 0 rọ́pò wọn. Ṣé kí n yọ 187.5 ti 26 oṣù Kẹjọ kúrò náà? Inú ìròyìn ìkún-omi ni mo ti mú un, òun náà ga jù.*

Ẹ fi 187.5 sílẹ̀ ná. 0 tí ẹ fi rọ́pò àwọn ọ̀pá gíga yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ yọ. Ẹ kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe é. Ojoojúmọ́ ni àwọn tó ń kọ́ni ní Excel ń sọ fún àwọn ènìyàn pé bí àyè kan bá ṣófo, kí wọ́n fi 0 dí i. Ó ń bí mi nínú, torí ẹni tó máa lo ṣáàtì náà kò ní mọ̀ pé wọ́n ti purọ́ fún òun.

Àwọn ọ̀pá gíga yẹn kì í ṣe òjò rárá. Ínǹṣì ni GSOD fi ń kọ òjò sínú kọ́lọ́ọ̀mù PRCP, ọjọ́ tí kò bá sì sí àkọsílẹ̀, 99.99 ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀. Àmì “a ò mọ̀” ni. Ẹ wá fi 25.4 sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú àwọn tó kù, ó di 2,539.7, àmì náà sì sọnù mọ́ yín lójú. Ẹni tó bá rí 99.99 léraléra á fura, ṣùgbọ́n 2,539.7 jọ nọ́ńbà gidi. Bẹ́ẹ̀ òjò Ìbàdàn fún odindi ọdún kan kì í sábà tó 2,000. Kí ẹ tó yí ìwọ̀n padà ló yẹ kí ẹ ti wá àmì yìí kúrò. Kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀: 9999.9 ni ti TEMP, ìyẹn ooru, 999.9 ni ti WDSP, ìyẹn eré afẹ́fẹ́.

Ọ̀rọ̀ 0 wá kàn. Nínú dátà òjò, 0 jẹ́ ìròyìn gan-an: wọ́n wò ó, òjò kò rọ̀. Bí ibùdó kan kò bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá nínú oṣù Kẹfà, tí ẹ fi 0 sí i, ohun tí ẹ kọ ni pé ọ̀dá dá fún ọjọ́ mẹ́wàá láàárín àkókò òjò. Àròpọ̀ oṣù náà á wálẹ̀, ẹni tó bá fi 2011 wé ọdún mìíràn á sì sọ pé òjò ti dín kù, nígbà tó jẹ́ pé àkọsílẹ̀ ló dín kù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ fi ìpíndọ́gba dí i. Òjò kì í rọ̀ ní díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́: á rọ̀ 40 lónìí, kò ní rọ̀ rárá fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìpíndọ́gba á kàn dá òjò wínniwínni tí ẹnì kankan kò rí sílẹ̀.

Ohun tó yẹ ni kí Excel fúnra rẹ̀ mọ̀ pé a kò mọ̀. Bí PRCP bá wà ní B, ẹ kọ èyí sí C:

```
=IF(B2>=99,NA(),B2*25.4)
```

Ẹ má fi `""` sí ipò `NA()` o. Sẹ́ẹ̀lì tó ní `""` jọ èyí tó ṣófo lójú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni Excel kà á sí, ó sì ń yà á bí 0 sórí ṣáàtì. `#N/A` kò ní hàn lórí ṣáàtì. Ó tún ní àǹfààní kan tí mo fẹ́ràn: bí ẹ bá lo `SUM` lórí oṣù tí kò pé, `#N/A` ló máa dá padà fún yín, ẹ ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan kù. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ àròpọ̀ ohun tó wà, ẹ lo méjèèjì yìí pa pọ̀, kí ẹ sì kọ iye ọjọ́ tó ní àkọsílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àròpọ̀ náà:

```
=AGGREGATE(9,6,C2:C32)
=COUNT(C2:C32)
```

Lójú tèmi, oṣù tí ọjọ́ márùn-ún bá kù nínú rẹ̀ kò yẹ kó ní àròpọ̀ lórí ṣáàtì rárá. Ọjọ́ kan ṣoṣo nínú àwọn tó kù lè jẹ́ ọjọ́ tí òjò rọ̀ jù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọsẹ̀ ṣì kù. Lórí ṣáàtì ọ̀pá, ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ kò ní ọ̀pá, ọjọ́ tí a kò mọ̀ náà kò ní ọ̀pá. Wọ́n jọra délẹ̀délẹ̀, ìyẹn ni pé gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ṣe pẹ̀lú `#N/A` kò hàn sí ẹni tó ń wò ó. Nítorí náà ẹ ṣe kọ́lọ́ọ̀mù D:

```
=IF(ISNA(C2),0,NA())
```

Ẹ fi D kún ṣáàtì náà bí ìlà, ẹ yọ ìlà fúnra rẹ̀ kúrò, kó ku àmì × eérú nìkan nísàlẹ̀. Ẹ kọ “kò sí àkọsílẹ̀” sí àlàyé rẹ̀. Bí ×  bá pọ̀ ní ibì kan, gbogbo ènìyàn á rí i.

Ẹ wo kọ́lọ́ọ̀mù PRCP_ATTRIBUTES pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí 0.00 tí lẹ́tà I wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibùdó náà kò kọ iye òjò kankan ránṣẹ́, kò sì sọ pé òjò rọ̀. Ó ṣeé ṣe kó rọ̀. Àwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ `=NA()` sí C wọn, kí wọ́n lè gba ×.

Ó wá ku 187.5. Òjò 26 oṣù Kẹjọ 2011 ló fa ìkún-omi tó wó afárá, tó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn n'Ìbàdàn. Bí ẹ bá yọ ọ́ nítorí pé ó ba ṣáàtì jẹ́, ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ọdún náà lẹ yọ. Tí ẹ bá ti lé 2,539.7 jáde, 187.5 kò ní ba nǹkan kan jẹ́ mọ́: ọ̀pá 40 ṣì ju ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lọ, ojú á rí i. Ẹ má gé ọ̀pá náà kúrú, torí gígùn ọ̀pá ni ènìyàn ń kà. Ẹ má lo òṣùwọ̀n lọ́gì náà, 0 kò ní àyè níbẹ̀, ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ sì pọ̀ lọ́dún. Bí ẹ bá fẹ́ kí òjò kéékèèké hàn dáadáa, ẹ ya ṣáàtì kejì sísàlẹ̀ èyí, èyí tí òkè rẹ̀ jẹ́ 60, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé àwọn ọjọ́ tó kọjá 60 wà lókè.

Ohun tí mo bá yín wí lórí rẹ̀ ni pé orísun méjì lẹ dà pọ̀. Aago Gíríníìsì ni GSOD fi ń pín ọjọ́, òjò alẹ́ tiwa lè bọ́ sí ọjọ́ mìíràn, iye ti inú ìròyìn sì jẹ́ ti wákàtí mélòó kan. Bí ìlà ọjọ́ yẹn bá ti ní iye tirẹ̀, ẹ má kọ tìròyìn lé e lórí. Ẹ fi àwọ̀ mìíràn yà á, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti rí i.

Iṣẹ́ àkàwé lásán ni gbogbo èyí wà fún o. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ṣáàtì yín gbẹ́ gọ́tà, kọ́ afárá tàbí san owó ìbánigbófò, kí ó lọ gba àkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ NiMet. Èmi kò ní fọwọ́ sí i pẹ̀lú dátà tó ní × nínú.